Ẹ̀rọ kọ "Delivered", oníbàárà ní òun kò rí ẹrù: kí ni ẹni tó gbé fóònù yóò sọ, ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá?

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-iṣẹ́ dísípáàṣì kékeré kan ni mò ń bójú tó ní Sabo, Ìkòròdú níbí. Àwọn mẹ́rin ló ń gbé fóònù fún wa. Bí oníbàárà bá pè pé ẹrù òun sọnù, ẹni tó bá pariwo jù ni wọ́n ń gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Ẹni tó bá rọra sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kó máa retí. Kí ni kí n kọ fún wọn láti máa sọ? Ẹjọ́ wo ló sì yẹ kó dé ọ̀dọ̀ mi?"

Ohun tó sọ ariwo di òfin ní ọ́fíìsì yín ni pé kò sí òfin mìíràn tí àwọn ọmọ yín lè dì mú. Ẹni tí wọn kò là ọ̀nà fún, ohun tó bá ń dùn ún létí ni yóò kọ́kọ́ wá bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ariwo sì ń sọ bí inú ẹni tó pè ṣe rí ni, kò sọ ibi tí ẹrù wà. Ẹni tó ń fohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ lè jẹ́ ẹni tí ìwé ẹ̀rí yunifásítì rẹ̀ wà nínú àpò tí ẹ kò rí, ẹni tó ń pariwo sì lè jẹ́ ẹni tí ẹrù rẹ̀ ṣì wà lórí ọ̀kadà, tí yóò dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun méjì ló yẹ kó máa gbé ẹjọ́ sókè: ohun tí ẹ̀rọ kọ kẹ́yìn nípa ẹrù náà, àti iye wákàtí tó ti kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá fi méjèèjì yìí ṣe ìpìlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa sọ lórí fóònù kò ní í ṣòro láti kọ.

"Ó sọnù" tí gbogbo oníbàárà ń pè é yìí, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sọnù rárá, ọ̀nà ni wọ́n ṣì. Ẹni tó ń pín ẹrù sínú àpò ní erékùṣù Èkó rí "Sabo" lára páálí, ó jù ú sínú àpò Yábàá, nítorí Sabo wà ní Yábàá bó ṣe wà lọ́dọ̀ yín. Agric wà ní Ìkòròdú, òmíràn sì wà ní apá Ọ̀jọ́ lójú ọ̀nà Badagry. Lórí irú ẹrù bẹ́ẹ̀, síkáànì tó kẹ́yìn á dúró síbi tí wọ́n ti pín in, kò ní í sún síwájú. Kí ẹni tó gbé fóònù pe ẹ̀ka tí orúkọ àdúgbò wọn jọ ti yín, kó ní kí wọ́n yẹ àpò tó wọlé lánàá wò, kó sì sọ ìgbà tí òun yóò tún pè fún oníbàárà. Ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń padà, kò sì yẹ kó dé ọ̀dọ̀ yín kí ọjọ́ kẹta tó pé.

Èyí tí mo fẹ́ dúró lé lórí, tó sì ń ba orúkọ ilé-iṣẹ́ jẹ́ jù, ni ẹrù tí ẹ̀rọ kọ "Delivered" sí, tí oníbàárà sì ní òun kò fojú kàn án. Níbẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ ti máa ń pe oníbàárà ní òpùrọ́ láìmọ̀. Níbẹ̀ náà ni ìdádúró wákàtí díẹ̀ ti lè sọ ẹrù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé di ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó gbà mọ́. Ráídà tó gbé ẹrù ogún lánàá, bí ẹ kò bá bi í léèrè lónìí, ní ọ̀la yóò ti da géètì kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí aago ẹjọ́ yìí kúrú ju ti ẹrù tó ṣìnà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ẹ̀rọ ń fi hàn bíi pé iṣẹ́ ti parí.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹjọ́ kan, irú èyí tí ẹ óò máa rí. Aago 10:40 òwúrọ̀ ọjọ́rú, obìnrin kan pè láti Ìgbógbó. Aṣọ léèsì tó rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Balógun ni, ₦85,000, ó sì fẹ́ wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀rọ kọ "Delivered" ní aago 5:52 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè kó tó sọ orúkọ. Ohun tó yẹ kí ọmọ yín sọ nìyí: "Ẹ káàárọ̀ mà. Bíọ́lá ni orúkọ mi, èmi ni n óò bá yín tọ ọ̀rọ̀ yìí dé òpin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nọ́mbà wéébììlì, tàbí nọ́mbà fóònù tí wọ́n kọ sára ẹrù." Bó bá ti rí i lójú ẹ̀rọ: "Mo ti rí i mà. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ó dé lánàá ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin sì ní kò kàn yín lọ́wọ́. Mo ti kọ ohun tí ẹ sọ sílẹ̀. Ẹni tí ráídà gbé e fún ni mo fẹ́ wá báyìí, mo sì fẹ́ bi yín ní ìbéèrè díẹ̀ tí yóò jẹ́ kó yá." Ẹ wò ó, Bíọ́lá kò sọ pé irọ́ ni obìnrin náà ń pa, kò sì sọ pé ilé-iṣẹ́ ti jẹ̀bi. Ohun tí ẹ̀rọ sọ àti ohun tí ènìyàn sọ ló gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì sọ iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e kò pọ̀. Ṣé ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ ló ń pè, àbí ẹni tó fẹ́ gbà á? Ẹ má fojú kéré èyí, nítorí ẹni tó san owó fún yín ni ẹ bá ṣe àdéhùn, òun náà ni owó ìtanràn yóò padà sí ọwọ́ rẹ̀ bó bá dé bẹ̀. Lẹ́yìn náà, ta ló wà nílé ní ìrọ̀lẹ́ àná, ǹjẹ́ nọ́mbà àjèjì kankan sì pe fóònù wọn láàárín aago márùn-ún sí méje? Báwo ni wọ́n ṣe ń júwe ilé náà fún àlejò? Èyí ṣe pàtàkì ní Ìkòròdú ju níbi tí wọ́n ti kọ nọ́mbà sára gbogbo ilé lọ, torí "ilé aláwọ̀ ewé lẹ́yìn tiransifọ́mà" ni àdírẹ́sì tòótọ́ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, orúkọ òpópónà kan náà sì lè wà ní Ìjẹ̀dẹ́ kó wà ní Ìmọ́ta. Paríparí rẹ̀, kí ló wà nínú ẹrù, báwo ni wọ́n sì ṣe dì í? Láíló dúdú, páálí, teepu aláwọ̀ búráùn: ohun tí wọn yóò fi dá a mọ̀ nìyẹn bí wọ́n bá rí i láàárín ẹrù mìíràn. Kí gbogbo rẹ̀ má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ sára ògiri pé wọn kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu. "Ráídà wa ní òun ti fún yín" ni àkọ́kọ́, torí ìgbà tí ọmọ yín bá sọ ọ́, kò tíì bi ráídà ní nǹkankan, ojú ẹ̀rọ ló ń kà. "Ẹ fara balẹ̀" ni èkejì. Kò sí ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún tí ara rẹ̀ balẹ̀. Bí ọmọ yín bá fẹ́ kí ohùn oníbàárà wálẹ̀, kí ó rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀, kó sì béèrè ìbéèrè tó ní ìdáhùn. "Á dé lónìí" náà ò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu ẹni tí kò tíì mọ ibi tí ẹrù wà. Èyí tó sì ń fa ìpè kejì, ìkẹta, ìkẹrin ni "a máa pè yín padà". Nígbà wo? Kí Bíọ́lá sọ pé: "Aago méjìlá ààbọ̀ ni n óò pè yín padà mà, yálà mo ti rí i tàbí n kò tíì rí i. Ẹ ò ní láti pe nọ́mbà yìí mọ́ kó tó di ìgbà yẹn." Bí aago méjìlá ààbọ̀ bá lù tí kò sí ìròyìn, kó pè, kó sọ ohun tó ti ṣe àti ohun tó kù. Ìpè tí kò ní ìròyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ń sá fún, ó sì wà lára ohun tó ń dín ariwo kù jù lọ.

Kí ó tó pe ráídà, kó wo ẹ̀rọ dáadáa. Aago tí wọ́n tẹ "Delivered", orúkọ tí wọ́n kọ pé ó gbà á, fọ́tò bó bá wà, àti ibi tí fóònù ráídà wà lórí máàpù nígbà tó tẹ̀ ẹ́. Nínú ẹjọ́ wa yìí, Bíọ́lá wo àwọn ẹrù mìíràn tó wà lọ́wọ́ ráídà kan náà lánàá, ó sì rí i pé márùn-ún ni wọ́n tẹ "Delivered" sí láàárín 5:52 sí 5:56. Ọ̀kan wà fún Ìgbógbó, méjì fún Ẹ̀bútẹ́, méjì fún Ìta-Olúwo. Kò sí ọ̀kadà tó lè dé ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ráídà jókòó síbì kan, ó tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀, bóyá torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí níbi tó ti gbé wọn fún ènìyàn, bóyá torí ó fẹ́ pa iṣẹ́ dé kí aago mẹ́fà tó lù. Kò túmọ̀ sí pé ó jalè. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ẹ kò lè fi 5:52 yẹn bá oníbàárà jiyàn, aago tí ẹrù dé gan-an ṣì ṣókùnkùn.

Bí wọ́n bá pe ráídà, kí wọ́n má bi í pé "Ṣé o gbé e dé?" Bẹ́ẹ̀ ni ni yóò dáhùn. Kí wọ́n ní: "Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìgbógbó lánàá, sọ ọ́ fún mi láti ìgbà tí o ti yà kúrò ní títì. Àwọ̀ wo ni géètì yẹn? Ta ló jáde sí ọ?" Ẹni tó gbé ẹrù dé yóò sọ géètì, yóò sọ ajá, yóò sọ ọmọ tó gbà á. Ẹni tí kò dé bẹ̀ yóò máa sọ "mo fún wọn" láìsọ ẹni tó ń jẹ́ wọn. Nínú ẹjọ́ yìí, ráídà ní òun pe nọ́mbà náà lẹ́ẹ̀mejì, kò wọlé, òun sì gbé láíló náà fún ìyá tó ń ta pírófísọ̀n níwájú ilé, òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ṣùgbọ́n òun gbàgbé. Ìyá náà kò ṣí ṣọ́ọ̀bù ní òwúrọ̀ ọjọ́rú. Ní aago 12:30 Bíọ́lá pe oníbàárà, ó ní: "Ọwọ́ ìyá onípírófísọ̀n iwájú ilé yín ni ráídà fi í sí mà. Àwa la jẹ̀bi pé a kò sọ fún yín, ẹ má bínú. Ráídà fúnra rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ ní aago mẹ́rin láti gbà á fún yín." Nígbà tó di aago 4:20, wọ́n ti ní kí oníbàárà ka nọ́mbà tó wà lára láíló, ó sì bá a mu, ẹjọ́ parí. Kò dé ọ̀dọ̀ máníjà rárá.

Ìgbà wo ló yẹ kó dé bẹ̀? Àwọn wákàtí tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi ni mo dá wọn lábàá, ẹ lè fà wọ́n gùn tàbí kí ẹ gé wọn kúrú bí iṣẹ́ yín bá ṣe rí. Fún ẹrù tí ẹ̀rọ ní ó ti dé, ẹni tó gbé fóònù ní wákàtí méjì láti bá ráídà sọ̀rọ̀. Bí ráídà kò bá gbé fóònù, tàbí tí ìtàn rẹ̀ kò bá ohun tó wà lójú ẹ̀rọ mu, kí ó bọ́ sọ́wọ́ alábòójútó tó wà láàárín àwọn tó ń gbé fóònù àti ẹ̀yin, ní ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì dá ráídà yẹn dúró lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì kó tó gba ẹrù tuntun. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún tí ẹnikẹ́ni kò rí ẹrù, ó di tiyín. Lẹ́yìn wákàtí méjìléláàádọ́rin, kí ẹ pè é ní ohun tó sọnù, kí ọ̀rọ̀ owó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ẹrù kan sílẹ̀ sí ipò "a ṣì ń wá a" fún ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tó ń lé oníṣòwò lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn nìyẹn.

Àwọn ẹjọ́ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró de aago kankan: oògùn, ìwé ẹ̀rí tàbí páṣípọ́ọ̀tù, ẹrù tí wọ́n ti tú kó tó dé, orúkọ ráídà kan náà nínú ẹjọ́ mẹ́ta láàárín oṣù kan, ẹrù tí owó rẹ̀ ju iye tí ẹ bá fi lélẹ̀, àti oníbàárà tó ní òun fẹ́ lọ bá ráídà nílé tàbí kó ọlọ́pàá lọ bá a. Ti ìkẹyìn yìí, ẹ̀mí ènìyàn ló wà níbẹ̀. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní nọ́mbà tàbí àdírẹ́sì ráídà, tàbí ti aládùúgbò tó gba ẹrù. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti ọdún 2023 wà lórí èyí, àmọ́ bí òfin kò tilẹ̀ sí, ẹ fojú inú wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ẹni tí inú ń bí bá kan ilẹ̀kùn ọmọ ogún ọdún kan lóru. Ariwo lásán, kí ó dúró lọ́wọ́ ẹni tó gbé fóònù. Bó bá di èébú, kí ó sọ lẹ́ẹ̀kan pé "Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ bí èébú bá wà níbẹ̀." Bí kò bá dáwọ́ dúró, kí ó sọ aago tí òun yóò pè padà, kó gé fóònù, kó sì pè ní aago náà.

Nígbà tí ẹjọ́ bá sì ń gòkè, kò gbọ́dọ̀ gòkè ní òfìfo. "Ọ̀gá, kọ́sítọ́mà kan ń bínú" kì í ṣe ìròyìn. Kí ó kọ nọ́mbà wéébììlì, ohun tí ẹ̀rọ kọ kẹ́yìn pẹ̀lú aago rẹ̀, ohun tí oníbàárà sọ, ohun tí ráídà sọ, àti aago tí wọ́n ṣèlérí ìpè. Àfikún kan wà tí ọ̀pọ̀ ń fò: ohun tí ẹni tó ń gbé ẹjọ́ sókè ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Owó ni? Àṣẹ láti dá ráídà dúró ni? Bí kò bá lè sọ ọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò tíì parí. Kí orúkọ Bíọ́lá sì wà lórí ẹjọ́ náà títí yóò fi parí, kódà bí ẹ̀yin lẹ bá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Òun ni yóò máa pe oníbàárà, kí obìnrin náà má baà tún ìtàn rẹ̀ rò fún ẹni mẹ́rin.

Gbogbo èyí kò ní í dúró bí ẹ kò bá fi àṣẹ owó díẹ̀ sí ọwọ́ àwọn ọmọ yín. Kí ẹni tó ń gbé fóònù lè dá owó dísípáàṣì padà láìbi ẹnikẹ́ni. Kí alábòójútó lè san dé iye kan, ẹ jẹ́ ká ní ₦20,000. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ ni kó di tiyín. Bí gbogbo kọ́bọ̀ bá gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ yín jáde, gbogbo ẹjọ́ ni yóò máa wá bá yín, ọ̀rọ̀ tó wù kí ẹ kọ fún wọn. Ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn kan yóò gba ẹrù, wọn yóò ní àwọn kò gbà á, ẹ óò sì san owó fún irú wọn nígbà mìíràn. Kóòdù nọ́mbà mẹ́rin tí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹni tó fẹ́ gba ẹrù, tí ráídà yóò tẹ̀ kí "Delivered" tó jáde, ń dín irú èyí kù. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí ráídà ti ń béèrè kóòdù náà lórí fóònù kó tó dé ilé, bẹ́ẹ̀ sì ni kóòdù kì í dé nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ fi sínú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n má sọ kóòdù fún ẹnikẹ́ni tí ẹrù kò tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú wọn.

Lórí gígé owó oṣù ráídà fún ẹrù tó sọnù, èrò mi ni pé kí ẹ má gé e ní gbogbo ìgbà. Bí ráídà bá mọ̀ pé òótọ́ àti irọ́, owó kan náà ni yóò lọ lára òun, irọ́ ni yóò mú. Ráídà tó gbé láíló fún onípírófísọ̀n yẹn kì bá tí sọ ọ́ bó bá mọ̀ pé wọn yóò gé ₦85,000 lára owó rẹ̀. Ẹ gé ti ẹni tó purọ́ tàbí tó tẹ "Delivered" láìkúrò níbi tó jókòó sí lẹ́yìn ìkìlọ̀, kí ẹ sì kọ òfin náà sílẹ̀ kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ orí fóònù kò lè dé ni ọ̀rọ̀ iye tí ẹ óò san fún ẹrù tó sọnù tán. Wéébììlì yín ló gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn, ní èdè tí ẹni tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ lóye, ní ìgbà tó ń sanwó, kí ó sì sọ iye tí ẹrù rẹ̀ tó níbẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ẹ kò ní í san kọ́bọ̀ fún ohunkóhun, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 lòdì sí àdéhùn tó bá rẹ́ oníbàárà jẹ, ó sì fún un lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n sọ fún un lásìkò bí iṣẹ́ bá máa pẹ́. Oníbàárà tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbé yín lọ sọ́dọ̀ LASCOPA, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì lè kọ̀wé sí NIPOST tó ń fún ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù kiri ní ìwé àṣẹ. Ẹ fi wéébììlì yín han lọ́yà kan kí ẹ tó tẹ òmíràn jáde, kí ẹ sì jẹ́ kí iye tó wà nínú rẹ̀ bá iye tí ẹ fún alábòójútó láṣẹ láti san mu.